Àyè Orúkọ Bàbá

Èmi ni mo kọ ìlà kóòdù náà. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, nítorí mo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn ọ̀rẹ́ mi rí, mo sì sọ ọ́ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́.

Mo ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nígbà náà. Festac ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nínú fúláàtì kan nísàlẹ̀ ilé alájà mẹ́rin, nínú òpópónà kékeré kan tí a ń pè ní close, tó yà kúrò ní Second Avenue. Ọ̀gá wa ti sọ pálọ̀ fúláàtì náà di ọ́fíìsì. Àwa márùn-ún la jókòó síbẹ̀, ojú wa sí kọ̀ǹpútà, ẹ̀yìn wa síra. Java, èdè kọ̀ǹpútà kan, la fi ń kọ iṣẹ́ fún àwọn ilé ìwé àti àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké. Èmi ni olórí àwọn tó ń kọ kóòdù. Yàtọ̀ sí Ọ̀gá, kò sẹ́ni tó lè bi mí ní ìbéèrè nínú ilé yẹn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wá bá wa lọ́dún yẹn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀ ni. Abúlé Adó ló ń gbé, ọ̀kadà ló máa ń gbé e wá láàárọ̀, á kọ́kọ́ nu eruku bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bọ̀dá ló ń pè mí. Ohun tí mo kọ́kọ́ kórìíra lára rẹ̀ ni pé, bí wọ́n bá fún un ní kóòdù ẹlòmíràn, á kà á láti òkè dé ilẹ̀, kò sì ní sọ nǹkan kan títí á fi kà á tán. Àwa tó kù kì í kà á. A máa ń tẹ̀ ẹ́ kó ṣiṣẹ́, bó bá ṣiṣẹ́, a ti parí nìyẹn.

Iṣẹ́ tó dà wá pọ̀ ni ti ilé ìwé girama aládàáni kan ní Amuwo-Odofin. Wọ́n fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa tẹ ìwé èsì àwọn ọmọ jáde ní òpin táàmù. Gbogbo àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ á wà nínú dátábéèsì: orúkọ, kíláàsì, máàkì, orúkọ bàbá, orúkọ ìyá. Kóòdù wa á máa mú ọmọ kọ̀ọ̀kan bí lẹ́tà orúkọ wọn bá ṣe tẹ̀ léra, á to èsì rẹ̀, á sì rán an lọ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, Prínsípà, obìnrin kan tó máa ń gbé gíláàsì ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn, fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé kí n má sọ orúkọ bàbá di dandan. Ó ní àwọn ọmọ kan wà tí wọn ò kọ ọ́ fún. Mo gbọ́. Mo ṣètò dátábéèsì náà bó ṣe wí, pé àyè orúkọ bàbá lè wà láìsí nǹkan kan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó kọ kóòdù tó ń kà á, mo sì kọ ọ́ bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n parí táàmù nígbà tí ọmọbìnrin náà pè mí.

“Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo ìlà yìí.”

Mo lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ìlà tó ń fi àṣẹ getString mú orúkọ bàbá jáde nínú dátábéèsì ni, tó ń gé àlàfo kúrò létí rẹ̀, tó ń sọ ọ́ di lẹ́tà ńlá. Gbogbo rẹ̀ wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Mo fẹ́ràn kí nǹkan mi wà lórí ìlà kan.

“Kí ló ṣe é?”

“Bí kò bá sí nǹkan kan ní àyè yẹn nínú dátábéèsì, null ni getString máa gbé fún wa. Null kì í ṣe ọ̀rọ̀, Bọ̀dá. Ẹ ò lè ní kó gé àlàfo létí ohun tí kò sí. Ibẹ̀ ni kóòdù máa kú sí.”

Òótọ́ ni. Ẹni tó bá ti kọ Java fún oṣù mẹ́ta mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta tó kù ti yí àga wọn padà, wọ́n ń wò wá, mo sì rí i pé bí mo bá ní “o ṣeun”, wọ́n á rántí rẹ̀.

“Ta ni kò ní bàbá?” Mo sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. “Ṣé ìyá nìkan ló bí wọn ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó dúró kí ẹ̀rín náà tán.

“Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé kò ṣe dandan,” ó ní.

Mo fa àga kan, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láìní kó dìde dáadáa, ó sì ní láti sún mọ́ ògiri. Mo ṣí fọ́ọ̀mù tí a fi ń kọ ọmọ sílẹ̀. Mo kọ orúkọ ọmọ tí kò sí láyé síbẹ̀, mo fo àyè orúkọ bàbá, mo fi pamọ́, mo ní kí kóòdù tẹ èsì rẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kùn, ìwé jáde. Gbogbo nǹkan wà níbẹ̀, àyè orúkọ bàbá ló ṣófo. Mo gbé ìwé náà sókè.

“Ṣé ó kú?”

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó pẹ́.

“Fọ́ọ̀mù lẹ lò, Bọ̀dá. Bí èèyàn bá fo àyè kan nínú fọ́ọ̀mù, ọ̀rọ̀ tí kò ní lẹ́tà kankan nínú ni fọ́ọ̀mù máa fi síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ṣì ni. Ó dà bí abọ́ tí kò sí oúnjẹ nínú rẹ̀, ẹ lè fọ̀ ọ́. Null ní tirẹ̀, kò sí abọ́ rárá ni. Àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé yìí ò ní gba inú fọ́ọ̀mù kọjá. Láti kọ̀ǹpútà akọ̀wé wọn la ti máa kó o, mo sì ti ka kóòdù tó ń kó o. Ibi tí akọ̀wé ò bá ti kọ nǹkan, null ló ń fi síbẹ̀.”

Ó na ọwọ́ kọjá iwájú mi, ó kọ àkọsílẹ̀ kan tààrà sínú dátábéèsì, láìgba inú fọ́ọ̀mù. Orúkọ ara rẹ̀ ló kọ. Ó kọ orúkọ ìyá rẹ̀. Ní àyè orúkọ bàbá, null. Lẹ́yìn náà ó ní kí kóòdù ṣiṣẹ́.

Kóòdù tẹ mẹ́rin nínú àwọn ọmọ tí a fi ń dán an wò, ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó kú. Lẹ́tà pupa kún ojú kọ̀ǹpútà: NullPointerException, àti nọ́ńbà ìlà mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ètò ò jáde rárá, nítorí pé ìta àyíká tó ń mú àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan ni mo fi ibi tó ń mú àṣìṣe sí, kì í ṣe inú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣubú, gbogbo wọn ló dúró.

Mi ò wo nọ́ńbà ìlà náà. Orúkọ tó kọ ni mo ń wò.

“Orúkọ rẹ lo fi síbẹ̀,” mo ní.

“Ìdánwò lásán ni, Bọ̀dá.”

“Kì í ṣe lásán. Abájọ. Ẹni tí kò ní bàbá ló ń wá bàbá kiri inú kóòdù oníkóòdù.”

Mo rántí bí ẹ̀rín wọn ṣe pọ̀ tó. Ọ̀kan nínú wọn fi ọwọ́ lu tábìlì. Mo rántí pé inú mi dùn. Òun ò sunkún. Ó pa àkọsílẹ̀ orúkọ rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú dátábéèsì, lẹ́tà pupa náà sì kúrò lójú kọ̀ǹpútà.

Láti ọjọ́ yẹn, Null ni wọ́n ń pè é. Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo jẹ́ kó mọ́ wọn lẹ́nu. “Null dà?” “Null, bá wa pa jẹnẹrétọ̀.” Kò pẹ́ tí Ọ̀gá náà fi ń pè é bẹ́ẹ̀, láìbéèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ó rò pé orúkọ ìnagijẹ ni, ó sì jọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, nítorí pé ó máa ń dáhùn.

Lọ́jọ́ kejì ó wá bá mi pé òun ti kọ àtúnṣe náà sínú kọ̀ǹpútà òun. Ìlà mẹ́ta ni: kí kóòdù kọ́kọ́ wò ó bóyá null ni, bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó fi àyè náà sílẹ̀ bó ṣe wà, bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó ṣe é bí tàtẹ̀yìnwá. Ó ní òun tún ti gbé ibi tó ń mú àṣìṣe wọ inú àyíká, kí n jẹ́ kí òun fi wọ́n sínú iṣẹ́ wa.

“Má fọwọ́ kan ìlà mi,” mo ní.

Ó kọ ọ́ sórí ìwé, ó mú un lọ fún Ọ̀gá. Ọ̀gá pè mí. Mọ́ínmọ́ín ló ń jẹ lórí tábìlì rẹ̀. Ó béèrè bóyá ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ní láárí. Mo ní mo ti dán an wò lójú gbogbo wọn, ó ṣiṣẹ́. Irọ́ kọ́ ni mo pa. Mo dán an wò, ó sì ṣiṣẹ́. Ọ̀gá fi ìwé náà nu epo ọwọ́ rẹ̀, ó jù ú sínú agolo ìdọ̀tí. Ọmọbìnrin náà ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí i.

Àárọ̀ ọjọ́ tí táàmù parí gan-an ni àkọsílẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa láti ọwọ́ akọ̀wé, nítorí pé àwọn olùkọ́ pẹ́ kí wọ́n tó kó máàkì wọn sílẹ̀. A gbé kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ sínú gbọ̀ngàn ilé ìwé náà. Àwọn òbí ti jókòó sórí àga oníke, àwọn ọmọ jókòó níwájú wọn ní kíláàsì ní kíláàsì, Prínsípà sì mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́. Bí a bá ti tẹ kíláàsì kan tán, á pe àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n á wá gba ìwé wọn, wọ́n á lọ. Èmi ni mo wà nídìí kọ̀ǹpútà. Ọmọbìnrin náà wà nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó ń kó ìwé jọ. Ọ̀gá ń bá àwọn òbí kan ṣàwàdà.

JSS 1 jáde láìsí wàhálà. Nínú JSS 2, ìwé mọ́kànlá jáde, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dákẹ́.

Mi ò nílò láti ka lẹ́tà pupa náà. Mo ka nọ́ńbà ìlà nìkan. Mo wo ẹni kejìlá nínú ètò, ọmọbìnrin kékeré kan. Orúkọ ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀.

Prínsípà ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. “Kí ló dé?”

Mo lè ní kó fún wa ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò sẹ́ni tí ì bá mọ ohunkóhun.

“Àkọsílẹ̀ ọmọ kan ló ní àbùkù, Mà,” mo ní. “Wọn ò kọ orúkọ bàbá rẹ̀.”

Ó ní kí n fi orúkọ ọmọ náà han òun. Ó kà á. Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu, ó sì pe ọmọ náà jáde, orúkọ àti orúkọ ìdílé.

Ọmọ náà dìde. Ó lè tó ọmọ ọdún méjìlá. Ó rò pé ẹ̀bùn ni wọ́n fẹ́ fún òun, nítorí ó tún aṣọ ara rẹ̀ ṣe kó tó máa bọ̀.

“Ìwọ lo dá gbogbo wa dúró,” Prínsípà ní. “Kí lorúkọ bàbá rẹ?”

Ọmọ náà wo ẹ̀yìn. Láàárín àwọn òbí, obìnrin kan tó wọ híjáàbù dìde. Mo mọ̀ ọ́n lójú. Ó ní ìsọ̀ kan ní Mazamaza tó ti ń ta mílíìkì àti ṣúgà.

“Mà, ẹ jọ̀ọ́,” ó ní, “mo ṣàlàyé fún yín lọ́jọ́ tí mo mú un wá.”

“Èmi gbọ́,” Prínsípà dáhùn, gbohùngbohùn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. “Kọ̀ǹpútà ni kò gbọ́.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín nínú gbọ̀ngàn náà. Ọmọ náà dúró síwájú, kò sẹ́ni tó ní kó padà lọ jókòó.

Ọmọbìnrin ọ́fíìsì wa ti dé ẹ̀gbẹ́ mi. Ó tẹ̀ sí etí mi. “Bọ̀dá, ìlà mẹ́ta yẹn wà lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n fi síbẹ̀. Kò ní pẹ́.”

“Padà sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé,” mo ní.

Bí mo bá gbà á, Ọ̀gá á béèrè ibi tí àtúnṣe náà ti wá. Mo wọ inú dátábéèsì dípò rẹ̀. Pẹ̀lú àṣẹ kan ṣoṣo, mo ní kí gbogbo àyè orúkọ bàbá tó jẹ́ null nínú ilé ìwé náà di NIL. Kóòdù rí ọ̀rọ̀ tó lè gé àlàfo létí rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́. Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, kò sì tún dúró mọ́ títí dé SS 3. Ọ̀gá gbá mi léjìká.

Ohun tí mi ò rò ni pé kì í ṣe àwọn ọmọ tí wọn ò kọ orúkọ bàbá fún nìkan ló wà lábẹ́ àṣẹ yẹn. Akọ̀wé gbàgbé láti kọ ti àwọn mìíràn. Ọkùnrin kan tó ga, tó wọ kaftáànì, gba ìwé ọmọ rẹ̀ ní SS 1, ó kà á, ó sì rí i níbi tí orúkọ rẹ̀ yẹ kó wà: NIL. Ó rìn lọ bá Prínsípà.

“Ṣé èmi ni NIL?” ó ní. “Èmi tí mo san owó ilé ìwé, tí mo jókòó sí iwájú yín láti àárọ̀?”

Òun ni Prínsípà bẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún un, ó mú un lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Nígbà tí Prínsípà jáde, ó béèrè lọ́wọ́ Ọ̀gá pé ta ló ṣe irú èyí. Ọ̀gá wò mí.

“Òun ló kó àkọsílẹ̀ náà wọlé láàárọ̀,” mo ní, mo sì fi àgbọ̀n tọ́ka sí ọmọbìnrin náà nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ìyẹn náà kì í ṣe irọ́. Òun ló kó o wọlé lóòótọ́, mo ní kó kó o.

“Null,” Ọ̀gá ní, “fi iṣẹ́ mi sílẹ̀. Má padà wá.”

Ìwé èsì SS 3 ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sórí tábìlì, ó tò ó kó dọ́gba. “Bọ̀dá,” ó ní, “ẹ sọ fún wọn.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà.

Kò dúró pẹ́. Mo rí i lójú fèrèsé bó ṣe ń gba ẹnu géètì jáde, ó ń fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn.

Ìyá ọmọ náà ló wá bá mi lẹ́yìn náà, nígbà tí gbọ̀ngàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ọmọ rẹ̀ dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ó na ìwé èsì náà sí mi, ó fi ìka kan ibẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n kọ síbí?”

“NIL ni, Mà. Ó túmọ̀ sí pé kò sí.”

“Kò sí?” Ó wo ìwé náà. “Ó wà o. Mo mọ ibi tó ń gbé. Èmi ni mo ní kí wọ́n má kọ ọ́. Ta ló ní kẹ́ ẹ sọ pé kò sí?”

Mo ní kọ̀ǹpútà ni. Ó wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó ń ta ọjà tó ti bàjẹ́. Ó ká ìwé náà sí ọ̀nà mẹ́rin, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo ṣí kọ̀ǹpútà ọmọbìnrin náà, mo wá ìlà mẹ́ta rẹ̀ rí, mo dà á kọ sínú iṣẹ́ wa, mo sì gbé ibi tó ń mú àṣìṣe wọ inú àyíká gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ọ́. Mo sọ fún Ọ̀gá pé mo ti rí orísun wàhálà náà, mo sì ti tún un ṣe. Ó kọ lẹ́tà sí ilé ìwé náà pé olórí àwọn oníṣẹ́ òun ti yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ó kà á sókè fún gbogbo wa nínú pálọ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọmọbìnrin náà wá kó ẹrù rẹ̀. Ọ̀gá ní kò gbọdọ̀ wọlé. Mo kó ike oúnjẹ rẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ àti súwẹ́tà kan fún un láàárín irin ẹnu ọ̀nà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé àlàfo irin náà ò fẹ̀. Mo rò pé ó máa bú mi. Mo ti ń wá ohun tí mo máa fi dá a lóhùn.

“Ṣé ẹ ti tún un ṣe?” ó ní.

“Mo ti tún un ṣe.”

“Ṣé ẹ ti yọ NIL kúrò lórúkọ àwọn ọmọ yẹn?”

Ọ̀rọ̀ náà ò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn rí. Àṣẹ kan ṣoṣo ni, bíi ti àkọ́kọ́: kí gbogbo NIL padà di null. Kò lè gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

“Mo ti yọ ọ́,” mo ní.

Ó mi orí, ó kó ẹrù rẹ̀ mọ́ra, ó lọ sí ibi tí ọ̀kadà wà.

Mi ò yọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ ilé ìwòsàn kan dé, mo gbàgbé. Nígbà tí mo rántí, ojú tì mí láti ṣí dátábéèsì náà, lẹ́yìn náà ojú ò tì mí mọ́. Orúkọ ọkùnrin tó wọ kaftáànì nìkan ni wọ́n tún kọ, nítorí òun bínú. Táàmù tó tẹ̀ lé e, èmi ni mo tún lọ tẹ èsì fún wọn. Ìlà mẹ́ta ọmọbìnrin náà wà nínú kóòdù, kò rí iṣẹ́ kankan ṣe, nítorí pé kò sí null mọ́ nínú gbogbo ilé ìwé náà. Ìwé ọmọ kejìlá jáde, mo rí i bó ṣe ń yọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ, orúkọ rẹ̀, kíláàsì rẹ̀, NIL. Ó ṣe ipò kẹta. Mo gbé e lé orí àwọn tó kù.